Ìwé Ẹ̀rí Àìsí-Ìdènà fún Ìgbéyàwó: Ohun Tó Ń Sọ, àti Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Béèrè Rẹ̀

Kí ni ìwé yìí ń sọ gan-an?

Ó ń sọ fún akọ̀wé ìgbéyàwó nílẹ̀ òkèèrè pé òfin ilẹ̀ tí ẹ ti wá kò dí yín lọ́wọ́ láti ṣègbéyàwó. Akọ̀wé tó jókòó sí Ẹ́díńbọ́rọ̀ tàbí Mìlánò kò lè mọ̀ bóyá ẹ ti ní ìyàwó nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìwé àkọsílẹ̀ tiwa kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ó ń wá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé nílé, kí ẹni náà fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí.

Ohun tó máa ń wà nínú ìwé náà kò pọ̀: orúkọ yín bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tì, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tì, àdírẹ́sì, ipò yín (àpọ́n, omidan, opó, tàbí ẹni tó ti kọ ọkọ tàbí aya sílẹ̀), àti gbólóhùn kan péré tí gbogbo rẹ̀ dá lé, pé kò sí ìdènà tí a mọ̀. Ọ̀pọ̀ a tún máa dárúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́ àti ìlú tí ẹ ti fẹ́ ṣe é. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà "tí a mọ̀". Ìwé náà kò lè sọ ju ohun tí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní kí n mú "lẹ́tà síńgù" wá. Ọ̀rẹ́ mi mú àfídáfíìtì lọ, wọ́n dá a padà. Ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni?

Rárá. Ìwé mẹ́ta ni àwọn èèyàn ń fi orúkọ kan pè, ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń sọ̀rọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Nínú àfídáfíìtì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń sọ̀rọ̀. Ẹ lọ sí Kóòtù Gíga, ẹ búra níwájú kọmíṣọ́nà ìbúra pé ẹ kò tíì ṣègbéyàwó rí, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Òǹtẹ̀ yẹn ń jẹ́rìí pé ẹ búra. Kò jẹ́rìí pé òótọ́ ni ohun tí ẹ búra sí. Akọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè tó dá àfídáfíìtì padà ń sọ pé: "Ọ̀rọ̀ ẹnu tìrẹ ni mo gbọ́ yìí. Ta ló tún mọ̀ ọ́n?"

Nínú lẹ́tà rẹ́jísírì, ìwé àkọsílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ rẹ́jísírì ìgbéyàwó, bíi ti Ìkòyí ní Èkó, yẹ ìwé wò, ó sì kọ ọ́ pé òun kò rí orúkọ yín láàárín àwọn tó ti ṣègbéyàwó lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó.

Ìwé kẹta ni ìwé àìsí-ìdènà gan-an. Ìjọba yín ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ aṣojú tàbí ọ́fíìsì tó ní àṣẹ, pé lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa, ẹni yìí lè ṣègbéyàwó. Láti gba ìwé kẹta, wọ́n máa ń béèrè méjì àkọ́kọ́. Torí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ ní kí ọ́fíìsì tó fẹ́ so yín pọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fẹ́. Ímeèlì kan ṣoṣo tó.

Ìwé tí a máa ń gbà lẹ́yìn ọjọ́ 21 ní rẹ́jísírì ńkọ́?

Ìyẹn jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní Nàìjíríà. Ẹ kọ ìwé ìfilọ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó fún ọjọ́ 21, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì takò ó, wọ́n á fún yín ní ìwé àṣẹ. Ìgbéyàwó náà gbọ́dọ̀ wáyé kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ tí ẹ ti mú ìfilọ̀ wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀. Kò wúlò fún ìgbéyàwó tí ẹ fẹ́ ṣe lókè òkun. Bí alágbàtà kan bá gbé e lé yín lọ́wọ́ dípò lẹ́tà tí ẹ béèrè, ẹ má gbà á.

Àwọn orílẹ̀-èdè wo ló ń béèrè rẹ̀?

Kò dọ́gba rárá, kódà láàárín ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba kan. Ní Íńgíláǹdì àti Wéésì, òfin kò ní kí àlejò mú ìwé àìsí-ìdènà wá kó tó ṣègbéyàwó. Ìfilọ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń dúró fún ọjọ́ 28, tàbí ọjọ́ 70 bí ọ́fíìsì ìwọ̀lú bá fẹ́ wádìí. Ẹni tó ti kọ ọkọ tàbí aya sílẹ̀ á mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ wá. Ó tán.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Skọ́tíláǹdì, ọ̀rọ̀ yí padà. Òfin ìgbéyàwó wọn ti ọdún 1977 sọ pé ẹni tí ibùgbé rẹ̀ lójú òfin kò sí ní Bìrìtéènì gbọ́dọ̀ mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ aláṣẹ ilẹ̀ rẹ̀, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, pé wọn kò mọ ìdènà kankan lábẹ́ òfin ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá ti gbé ní Bìrìtéènì fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bọ́ nínú rẹ̀. Èyí ló fà á tí ẹni tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà fi ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ sì ń dúró.

Ní Ítálì, abala 116 nínú ìwé òfin wọn ló pa á láṣẹ. Wọ́n ń pe ìwé náà ní núlà ọ́sítà, ìyẹn "kò sí ohun tó dènà". Fún ọmọ Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ aṣojú wa ní Róòmù ló ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á mú un lọ sí ọ́fíìsì aṣojú ìjọba ní ìlú tí wọ́n wà kí wọ́n lè fìdí ìbuwọ́lùwé múlẹ̀, pẹ̀lú sítáńpù owó ìjọba tí iye rẹ̀ jẹ́ yúrò 16.

Jámánì ló le jù, a ó sì padà sí i nísàlẹ̀. Amẹ́ríkà ló rọrùn jù: ìwé àṣẹ ìgbéyàwó láti káńtì ni wọ́n ń lò, ìjọba wọn kò sì ní ìwé àìsí-ìdènà tirẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà tó fẹ́ gbéyàwó lókè òkun a máa búra níwájú kọ́ńsù tirẹ̀ dípò rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa gbà á ní Nàìjíríà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ẹ gbé pásípọ́ọ̀tì sí iwájú yín, kí ẹ sì rí i pé orúkọ tó wà níbẹ̀ ni yóò wọ inú gbogbo ìwé yòókù, létà dé létà.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ búra ní Kóòtù Gíga. Àfídáfíìtì tó dára kì í gùn. Ó máa sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ọmọ orílẹ̀-èdè tí ẹ jẹ́, ibi tí ẹ ń gbé, pé ẹ kò tíì ṣègbéyàwó lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó, lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ tàbí lábẹ́ òfin Ìsìláàmù, pẹ̀lú ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́ àti ìlú tí ìgbéyàwó yóò ti wáyé. Gbólóhùn tó dárúkọ àwọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà kóòtù kàn kọ "n kò tíì ṣègbéyàwó" síbẹ̀, akọ̀wé tó mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni a ń gbà fẹ́ra ní Nàìjíríà á sì béèrè èwo nínú wọn ni ẹ ń sọ. Ilé-iṣẹ́ aṣojú míì tún máa ń fẹ́ ìbúra kejì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n nínú ẹbí.

Ẹ gbé àfídáfíìtì náà lọ sí rẹ́jísírì pẹ̀lú lẹ́tà ìbéèrè, ìwé ọjọ́ ìbí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tì, fọ́tòkọ́pì ojú-ewé pásípọ́ọ̀tì tiyín àti ti ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa yẹ ìwé wò, tí wọ́n á sì kọ lẹ́tà náà.

Bí ilẹ̀ tí ẹ ń lọ bá fẹ́ kí ìjọba fọwọ́ sí i, ẹ óò gbé lẹ́tà lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, lẹ́yìn náà sí ilé-iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè náà. Ẹ má yí i po. Ilé-iṣẹ́ aṣojú kì í lu òǹtẹ̀ lórí ìwé tí òǹtẹ̀ ìjọba wa kò tíì wà lórí rẹ̀, torí ìbuwọ́lùwé tí wọ́n ní lọ́wọ́ láti fi ṣe àfiwé ni ti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ yẹn.

Wọ́n ní kí n mú àpósítílì wá. Níbo ni mo ti lè rí i?

Àpósítílì wá láti inú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Héègì ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1961. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ gbà láti máa fi òǹtẹ̀ kan ṣoṣo gba ìwé ara wọn. Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, òǹtẹ̀ méjì tí a sọ lókè yìí, ti ìjọba wa àti ti ilé-iṣẹ́ aṣojú, ló rọ́pò rẹ̀. Ẹ ṣàlàyé èyí fún akọ̀wé náà. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun lè bá yín gba àpósítílì fún ìwé Nàìjíríà ní Èkó, ayédèrú ló fẹ́ tà fún yín.

A ti ṣe ìdáná. Ṣé mo ṣì lè pe ara mi ní omidan?

Ìbéèrè yìí ló wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀, a ó sì fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Lójú òfin Nàìjíríà, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ jẹ́ ìgbéyàwó. Bí ẹbí méjèèjì bá ti pàdé, tí wọ́n ti gba owó orí, tí wọ́n sì ti fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, ìyàwó ilé ni obìnrin náà. Kò sí ìdí láti retí ìwé kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Rẹ́jísírì kì í rí i torí pé inú ìwé wọn kọ́ ló wà. Nítorí náà, wọ́n lè kọ lẹ́tà tó jẹ́ òótọ́ lójú tiwọn, pé àwọn kò rí orúkọ yín, nígbà tí àfídáfíìtì tí ẹ fi gba lẹ́tà náà jẹ́ irọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn lẹ ti fẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ́nà ìbílẹ̀, tí ẹ kò sì tíì tú u ká, ìdènà gidi nìyẹn. Abala 33 nínú Òfin Ìgbéyàwó wa sọ pé ìgbéyàwó kò lè múlẹ̀ bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ti ní ọkọ tàbí aya ìbílẹ̀ tí kì í ṣe ẹni tó fẹ́ fẹ́. Abala 46 sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sí i. Ẹ kọ́kọ́ lọ tú u ká ní kóòtù ìbílẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé ìdájọ́. Dídá owó orí padà láàárín ẹbí lè tó lójú àwọn àgbà ilé, ṣùgbọ́n kò sí akọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè tó máa gba ọ̀rọ̀ ẹnu.

Bí ó bá jẹ́ ẹni kan náà tí ẹ ṣe ìdáná pẹ̀lú lẹ fẹ́ fẹ́ lókè òkun, òfin wa kò takò ó. Abala 33 yẹn kan náà yọ ẹni náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe búra pé ẹ jẹ́ omidan. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: pé ẹ ti ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ pẹ̀lú lágbájá, pé kò sí ẹlòmíràn. Akọ̀wé ní Bìrìtéènì lè wá sọ pé lójú tòun, ẹ ti di tọkọtaya, nítorí pé ìgbéyàwó tó múlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é sábà máa ń múlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú. Òfin Skọ́tíláǹdì fi ààyè sílẹ̀ ní abala 20 fún àwọn tó ti ṣe ìgbéyàwó lókè òkun ṣùgbọ́n tí wọn kò lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kò lè rí ààyè yẹn lò bí ẹ bá ti fi ìdáná pamọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: fọ́tò ìdáná wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Aṣọ òkè, fìlà, alága ìdúró, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó wáyé. Òṣìṣẹ́ físà tó rí i lẹ́yìn tó ti ka ìbúra yín pé ẹ kò tíì ṣègbéyàwó rí lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ kò ní bi yín ní ìtàn. Á kọ físà náà, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ purọ́.

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ńkọ́? Ìfojúrinjú lásán kì í ṣe ìgbéyàwó. Bí ẹbí bá ti rí ara wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì gba owó orí, tí wọn kò sì tíì fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, àpọ́n àti omidan ṣì ni yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àpẹẹrẹ kan hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká mú omidan kan láti Ìbàdàn. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti ń gbé ní Ẹ́díńbọ́rọ̀ láti ọdún mẹ́rin. Wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó níbẹ̀ ní Sátidé, ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá 2026, omidan náà yóò sì gba físà àlejò tó wá ṣègbéyàwó. Ọkọ kò nílò ìwé àìsí-ìdènà, torí ó ti lé ní ọdún méjì. Omidan ló nílò rẹ̀.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kún fọ́ọ̀mù ìfilọ̀ tó ń jẹ́ M10. Fọ́ọ̀mù náà kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ akọ̀wé ṣáájú oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ ìgbéyàwó, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ 29 ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, ìlẹ̀kùn ṣí ní ọjọ́ 24 oṣù keje, ó sì tì ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó gbọ́n kì í dúró de ọjọ́ tí ìlẹ̀kùn fẹ́ tì. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Bìrìtéènì tàbí Íríláǹdì tún ní fọ́ọ̀mù ìkéde ipò kan tó máa kún mọ́ M10.

Ó búra ní Kóòtù Gíga ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà. Ó gbé e lọ sí Ìkòyí ní ọjọ́ 6 oṣù keje, lẹ́tà sì jáde ní ọjọ́ 20. Ó gbé lẹ́tà náà sí ìtànṣán fèrèsé, ó kà á. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀. Orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tì rẹ̀ ni Olúwafúnmiláyọ̀. Ó padà sí ibi tí àṣìṣe náà ti wá, àfídáfíìtì: òun fúnra rẹ̀ ló pe orúkọ náà fún ẹni tó ń tẹ ìwé, ó sì pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Rẹ́jísírì kàn dà á kọ ni. Ó ní láti búra tuntun, kó sì gba lẹ́tà tuntun. Lẹ́tà kejì jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ.

Àṣìṣe yẹn gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó ràn án lọ́wọ́ níbì kan. Ká ní akọ̀wé fẹ́ lẹ́tà tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, tó sì ń kà á dé ọjọ́ ìgbéyàwó, lẹ́tà ọjọ́ 20 oṣù keje ì bá ti kú ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ayẹyẹ. Ti ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ gbé e kọjá. Ìbéèrè tí kò yẹ kẹ́ni kankan gbàgbé rèé: ọjọ́ wo lẹ ń ka ọjọ́ orí lẹ́tà dé, ọjọ́ tí mo mú un wá ni, tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó? Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń kà á dé ọjọ́ tí wọ́n gbà á, àwọn mìíràn kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ lẹ́tà, nítorí náà kò sí ìtumọ̀ láti san owó fún. Ká ní Pọ́túgà tàbí Bràsíìlì ló ń lọ ni, ògbufọ̀ tó ti búra ló máa túmọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí gbogbo òǹtẹ̀ bá ti wà lórí rẹ̀, kí òǹtẹ̀ náà lè wọ inú ìtumọ̀.

Kí ló dé tí ti Jámánì fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé wọn kò gba ìwé wa gbọ́. Abala 1309 nínú ìwé òfin wọn ń béèrè ìwé àìsí-ìdènà tí ìlú ẹni fúnra rẹ̀ kọ. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà wà lára wọn, kò ní irú ìwé yẹn bí Jámánì ṣe fẹ́ ẹ. Nítorí náà, wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà ní ìyọ̀ǹda dípò rẹ̀, ààrẹ kóòtù gíga agbègbè wọn ló sì ń fọwọ́ sí i. Ọ́fíìsì ìgbéyàwó tó wà ládùúgbò ló ń bá yín fi ìbéèrè ránṣẹ́. Ìyọ̀ǹda náà kì í ju oṣù mẹ́fà lọ.

Kí ààrẹ kóòtù tó fọwọ́ sí i, wọ́n ń fi àwọn ìwé yín ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ aṣojú Jámánì ní Nàìjíríà fún àyẹ̀wò, nítorí wọ́n ti dẹ́kun fífi òǹtẹ̀ lu ìwé Nàìjíríà. Lọ́yà tí wọ́n fọkàn tán á lọ wo ìwé rẹ́jísírì fúnra rẹ̀, ó sì lè dé àdúgbò láti bi àwọn tó mọ̀ yín. Oṣù bíi mélòó kan ló máa ń gbà. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé pé ẹnì kan lè wá béèrè, kí ẹ sì ní kí wọ́n sọ òótọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, tó ní òun kò mọ̀ yín rí torí ó rò pé ọlọ́pàá ni, ti ba ìwé tó dára jẹ́.

Mo ti kọ ọkọ mi sílẹ̀. Ìwé wo ni mo máa mú dání?

Ìdájọ́ ìkẹyìn. Fún ìgbéyàwó rẹ́jísírì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, kóòtù kọ́kọ́ ń fúnni ní ìdájọ́ àkọ́kọ́, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ló ń di ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ ló ń mú ti àkọ́kọ́ lọ sí òkèèrè torí òun ni lọ́yà fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n jáde ní kóòtù. Lójú akọ̀wé, ẹ ṣì wà nílé ọkọ. Ẹ padà lọ gba ìwé tó fìdí ìkẹyìn múlẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí kóòtù fọwọ́ sí, fọ́tòkọ́pì kò tó.

Opó á mú ìwé ikú ọkọ tàbí aya wá, pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó, kí orúkọ inú méjèèjì lè bára mu. Ní Ítálì, ohun kan tún wà fún obìnrin: bí ìgbéyàwó ìṣáájú kò bá tíì pé ọjọ́ 300 tó ti parí, ìdènà lèyí lábẹ́ abala 89 wọn, kóòtù sì lè yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀rù oyún tí a kò mọ bàbá rẹ̀ ni òfin náà ti wá. Núlà ọ́sítà láti Róòmù kò lè mú un kúrò, torí òfin Ítálì ni, kì í ṣe tiwa.

Pásípọ́ọ̀tì Bìrìtéènì ni mo ní, mo sì fẹ́ ṣègbéyàwó ní Ítálì. Ṣé Ìkòyí ni mo máa lọ?

Rárá. Ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ tó wà ládùúgbò yín ní Íńgíláǹdì tàbí Wéésì lẹ máa lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ ti gbé ládùúgbò náà fún ọjọ́ 7 ó kéré tán kí ẹ tó kọ ìfilọ̀. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ 28, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa fún yín ní ìwé àìsí-ìdènà. Fún Ítálì, ẹ óò fi ìkéde alédè méjì kún un, tí ẹ búra sí níwájú lọ́yà. Bìrìtéènì wà nínú àdéhùn Héègì, nítorí náà àpósítílì lẹ máa lẹ̀ mọ́ ìwé méjèèjì. Kò sí ọjọ́ ìparí lórí ìwé Bìrìtéènì, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tó ń gbà á lè sọ pé oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà ni òun fẹ́.

Mo ti ń gbé ní Dúbáì láti ọdún mẹ́jọ. Ṣé lẹ́tà láti Nàìjíríà tó?

Lẹ́tà Ìkòyí mọ Nàìjíríà nìkan. Akọ̀wé tó bá rí i pé ẹ ti dàgbà sí ibòmíràn lè fẹ́ ìwé láti ibi tí ẹ gbé náà, torí ẹ lè ti gbéyàwó níbẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó kúrò ní Dúbáì, nítorí ó ṣòro láti gba ìwé níbi tí ẹ kò gbé mọ́.

Nílé pàápàá, lẹ́tà náà ní ibi tó pin sí. Òfin ní kí àwọn rẹ́jísírì agbègbè máa fi ẹ̀dà ìwé wọn ránṣẹ́ sí olórí akọ̀wé, ó sì ní kí ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ fi ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 7. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣojú fi ń fẹ́ ìbúra pẹ̀lú lẹ́tà: ohun tí ìwé kò rí, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni lẹ́tà tí wọ́n fún mi?

Ẹ wo nọ́ńbà fáìlì tó wà lókè, ọjọ́, orúkọ àti ipò ẹni tó fọwọ́ sí i. Lẹ́tà tí kò ní nọ́ńbà fáìlì kò ní ibi tí wọ́n ti lè wá a. Ẹ wo rísíìtì owó ìjọba: bí owó bá wọ àpò ẹnì kan, tí kò sí rísíìtì, ó ṣeé ṣe kí ìwé náà má tíì dé orí tábìlì rẹ́jísírì rárá. Bí alágbàtà bá mú lẹ́tà wá ní ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ fún un lówó, láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí nǹkan kan tàbí búra, ẹ ti mọ ibi tó ti wá.

Ìwé ayédèrú kì í sábà hàn nílé. Lókè òkun ló máa ń hàn, nígbà tí ilé-iṣẹ́ aṣojú bá kọ̀wé padà sí rẹ́jísírì pé "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà yìí?" tí wọ́n sì dáhùn pé nọ́ńbà náà kò sí nínú ìwé àwọn. Nígbà yẹn, àpọ́n gidi lẹ lè jẹ́ o, ìwé náà ti sọ yín di òpùrọ́. Bí ẹ bá ti wá bá ara yín nínú rẹ̀, ẹ má dúró kí wọ́n tó rí i. Ẹ gba ojúlówó, ẹ gbé e lọ bá akọ̀wé náà fúnra yín, pẹ̀lú àlàyé tí ẹ kọ sílẹ̀ nípa bí ti àkọ́kọ́ ṣe dé ọwọ́ yín.